Gáùn Aláwọ̀ Wáìnì Ilé Adájọ́

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kejì

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

“Ní ilé tiwa, a kì í wo aṣọ lára ènìyàn. Ènìyàn tó wà nínú aṣọ là ń wò.” Bẹ́ẹ̀ ni Adájọ́ wí. Mo kà á bí o ṣe kọ ọ́ ránṣẹ́, mo sì dìde dúró láti kà á lẹ́ẹ̀kejì, nítorí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ṣeé jókòó kà. Àǹtí rẹ tó ń gán bọ́tìnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bi mí pé kí ni mo dìde sí. Mo ní ilé-ẹjọ́ ti wọlé.

O kú òtútù, o kú iṣẹ́, o kú ìdúró nídìí áyọ̀nù. Ara mi le, àyàfi etí òsì tó ti fẹ̀yìntì ṣáájú mi, tí kò jẹ́ kí n gbádùn fóònù. Ìwé ló yé èmi àti ìwọ jù.

Ó dára. Àfẹ́sọ́nà rẹ, Onígíláàsì tó ń ṣe gíláàsì ojú fún àwọn ènìyàn, fẹ́ mú ọ lọ sílé àwọn òbí rẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kọkànlélógún oṣù tó ń bọ̀, kí wọ́n lè rí ọ, kí ẹ sì jọ jẹun ọ̀sán. Bàbá rẹ̀ jẹ́ adájọ́ tó ti fẹ̀yìntì. Mo ti gbọ́ gbogbo ìyẹn. Ohun tí kò yé mi ni pé ta ló bi Adájọ́ léèrè ọ̀rọ̀ aṣọ? O kò bi í. Onígíláàsì kò bi í. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi dúró níwájú pátákó ìkọ̀wé. Ọmọ tó bá kọ́kọ́ nawọ́ sókè pé, “Tíṣà, èmi kọ́ ni mo kó ṣọ́ọ̀kì o,” nígbà tí èmi kò tí ì mọ̀ pé ṣọ́ọ̀kì dín, àpò tirẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Nítorí náà, kí lo fẹ́ wọ̀? Ṣàlàyé rẹ̀ bí mo ṣe kọ́ ọ láti ṣàlàyé nǹkan: àwọ̀ rẹ̀, bó ṣe gùn tó, àti ibi tó máa ń súnkì dé bí o bá jókòó.

Èmi ni,
Bàbá rẹ


Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kejì

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ojú lọ́nà. Ẹ bá mi kí Àǹtí. Mo ka lẹ́tà yín nínú yàrá ìfọṣọ ní abẹ́ ilẹ̀ hòtẹ́ẹ̀lì, lórí àpò aṣọ ìbora tí mo fi ṣe àga. Ọ̀gá wa rò pé ẹkún ni mo ń sun, ẹ̀rín ni.

Àmọ́ mo ní ẹjọ́ kan láti rò. Ẹ kọ ojú ìwé kan gbáko nípa Adájọ́. Ẹ wò ó lẹ́ẹ̀kejì, Bàbá. Ibo lẹ kọ “O kú oríire” sí?

Ẹ jẹ́ kí a padà sórí aṣọ. Mẹ́ta ni mo ní tó tó gbé jáde. Èkíní ni síkẹ́ẹ̀tì dúdú àti búláòsì funfun. Ó mọ́, ó bójú mu, ṣùgbọ́n mo wọ̀ ọ́ níwájú dígí, ó dà bí ẹni pé mo fẹ́ gba àwo lọ́wọ́ wọn lọ fọ̀. Èkejì ni gáùn aláwọ̀ ewé tí mo rà lọ síbi ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ mi. Ní ìdúró, kò sí ẹ̀sùn kankan. Mo wá bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ gbé ife fún ìyá Onígíláàsì, dígí sì fi ohun tí Adájọ́ máa rí hàn mí. Mo bọ́ ọ kíákíá. Ẹ̀kẹta ni gáùn búlúù alápá gígùn, tó ní bẹ́líìtì tó fi aṣọ ara rẹ̀ ṣe. Bí mo bá jókòó, ó bo orúnkún mi. Bí mo bá nawọ́ lórí tábìlì, kò fà lábíyá. Ẹ̀bi kan ṣoṣo tó ní ni pé ó máa ń rún, ọkọ̀ tí a máa wọ̀ dé ibẹ̀ sì tó wákàtí kan àti ààbọ̀.

Mo bi Onígíláàsì. Ó ní, “Ohunkóhun tó bá wù ọ́.” Mo ní kí ló wọ àwọn òbí rẹ̀ lójú. Ó ní, “Wọn kì í wo aṣọ.” Ẹ kò ní gbàgbọ́ pé ní ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, ọkùnrin kan náà bi mí pé kí ni ìwọ̀n àyà mi, ìbàdí mi àti gígùn mi láti èjìká dé orúnkún. Ó ní Màmá òun ló fẹ́ mọ̀ ọ́n.

Ẹ bá mi bi Àǹtí nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù kejì

Ọmọ mi,

O kú oríire. Mo kọ ọ́ sí ìlà àkọ́kọ́ kí amòfin tó wà nínú rẹ má baà rí ẹsẹ̀ dúró sí. Inú mi dùn. Inú mi dùn pẹ̀lú ìṣọ́ra.

Àǹtí rẹ dá iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dúró, ó fetí sílẹ̀ sí aṣọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì dájọ́ kí Adájọ́ tó dájọ́. Ó ní, “Ti síkẹ́ẹ̀tì dúdú, kó fi sílẹ̀ fún ibi iṣẹ́. Ti aláwọ̀ ewé, kó tún un wọ̀ nígbà tí wọ́n bá ti gbé e níyàwó tán, tí kò sẹ́ni tó lè dá a padà mọ́. Búlúù ni kó wọ̀.” Nípa rírún rẹ̀, ó ní kí o má ṣe wọ̀ ọ́ jókòó nínú ọkọ̀ pẹ̀lú kóòtù tó wúwo lórí. Kí o tẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa kí o tó jókòó, kí o gbé ẹsẹ̀ rẹ sílẹ̀ méjèèjì, kí o má fi ọ̀kan kọ́ ọ̀kan. Kí o fi omi díẹ̀ wọ́n àtẹ́lẹwọ́ nígbà tí o bá dé, kí o fi ra ibi tó bá rún. Ó tún ní kí o wọ̀ ọ́ lọ síbi kan ṣáájú, kí ara rẹ mọ̀ ọ́n, kó má jẹ́ pé iwájú wọn ni o ti máa kọ́kọ́ mọ̀ pé kọ́là ń họ ọ́ lọ́rùn.

Èmi fi ti bàtà kún un. Má ra tuntun. Ìrìn ẹni tí bàtà ń há dà bí ìrìn ẹni tó ń pa irọ́. Kí o sì yẹ ìbọ̀sẹ̀ wò, nítorí àwọn ilé tó mọ́ tónítóní máa ń ní kí o bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ìgbà yẹn ni ọmọ ìka ẹsẹ̀ á yọjú láti kí àwọn àna.

Ṣùgbọ́n nípa ìwọ̀n ara rẹ yìí, mo dá bírò dúró. Ẹni tí kì í wo aṣọ ló ń fẹ́ mọ ìwọ̀n ìbàdí? Mo bi Àǹtí rẹ. Ó ní bóyá ẹ̀bùn ni. Mo ní bóyá. Ó wò mí, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti ń fura o.” Mo ní èmi kò fura, mò ń ka ìwé tó wà níwájú mi ni.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kẹta

Bàbá,

Ẹ kú àárọ̀, ẹ kú ìsinmi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún lẹ́tà yìí lésì ní ọjọ́ tí ó bá dé gan-an.

Páálí kan dé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Onígíláàsì fúnra rẹ̀ ló gbé e wá, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó fẹ́ tètè lọ. Gáùn ni, aláwọ̀ wáìnì, aṣọ tó nípọn díẹ̀, tó ń ṣàn wálẹ̀ láì rún. Ó ní kọ́là kékeré, sípù wà lẹ́yìn, láínì, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń tẹ́ inú gáùn, wà nínú. Ìwé pélébé kan wà lórí rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé Màmá rẹ̀: “Ọmọ mi, èyí ni kí o wọ̀ wá. Ó máa bá ọ mu.”

Bàbá, ó bá mi mu. Ó bá mi mu bí ẹni pé orí ara mi ni wọ́n ti rán an. Inú mi dùn débi pé mo jó nínú yàrá. Mo ní n óò kọ̀wé sí yín láti fi yín ṣe yẹ̀yẹ́.

Ní ọjọ́ kejì mo gbé e lọ síbi iṣẹ́ láti lọ̀ ọ́. Mo gbé e kọ́ sórí háńgà, mo sì fi ooru omi sí i láti ìsàlẹ̀. Ẹ mọ̀ pé ooru kì í bo àṣírí aṣọ. Bí omi gbígbóná ṣe wọ inú rẹ̀, ìlà kan yọ ní ìka méjì sókè ìṣẹ́tí. Mo rò pé ojú mi ni. Mo tún fi ooru sí i. Ìlà kejì yọ ní ìka mẹ́rin sókè. Ibi tí wọ́n ti ṣẹ́ ẹ tẹ́lẹ̀ ni, Bàbá. Ìgbà méjì ni wọ́n ti tú u sílẹ̀ kí ó tó gùn dé ọ̀dọ̀ mi.

Mo yí i síta. Ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ìlà ihò abẹ́rẹ́ kan wà nínú ojú rírán ti ìsinsìnyí, òmíràn sì wà níta rẹ̀. Aṣọ tó fara pamọ́ nínú ojú rírán sì pọ́n ju èyí tó wà lójú lọ. Èyí tó wà lójú ti rí oòrùn. Aṣọ yìí ti pẹ́ láyé, ó sì ti wọ ara àwọn tí wọn kì í ṣe èmi.

Mo bi Onígíláàsì. Ọkùnrin tó lè rí i pé gíláàsì ènìyàn fi díẹ̀ wọ́ sápá òsì láti òdìkejì títì, ó wo ìlà méjèèjì, ó ní, “Aṣọ ṣáà ni.” Ó wá ní òun fẹ́ lọ wo ọkọ̀ òun níta. Ọkọ̀ náà kò sọ pé ohunkóhun ń ṣe òun.

Kí ni kí n wọ̀?

Ọmọ yín


Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹta

Bàbá mi,

Mo mọ̀ pé lẹ́tà mi kò tí ì dé ọ̀dọ̀ yín. Mo ń kọ èyí nítorí pé n kò rí ẹlòmíràn bá sọ ọ́.

Gáùn méjèèjì wà lórí háńgà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn, wọ́n kọjú síra wọn. Bí mo bá wọ búlúù, mo ti kọ ẹ̀bùn ìyá ọkọ ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kí n tó jókòó rárá. Bí mo bá wọ aláwọ̀ wáìnì, inú aṣọ ta ni mo máa jókòó sí? Mo ti gbìyànjú láti rò ó síbi tó dára. Bóyá aṣọ ìgbà ọ̀dọ́ Màmá ni. Ṣùgbọ́n mo ti rí fọ́tò Màmá, ó ga jù mí lọ. Aṣọ rẹ̀ kò ní nílò kí wọ́n tú etí rẹ̀ sílẹ̀ fún mi.

Bàbá, ohun kan wà tí mo fẹ́ sọ, ẹ má bínú. Láti ìgbà tí mo ti sọ fún yín nípa ọkùnrin yìí lẹ ti ń wá ihò. Ẹ kò tí ì bi mí rí pé ṣé ó máa ń mú mi rẹ́rìn-ín. Ó máa ń mú mi rẹ́rìn-ín. Nígbà míì mo máa ń rò pé ohun tí ẹ kò fẹ́ kì í ṣe Adájọ́, kì í ṣe aṣọ. Ẹ kò fẹ́ kí n ní ilé síbí ni. Ìlà ihò abẹ́rẹ́ wọ̀nyí máa dùn mọ́ yín, ìyẹn ló sì ń dùn mí.

Ó ku ọjọ́ méje.

Èmi ni


Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹta

Ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ ti ọjọ́ kẹjọ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lónìí. Mo ti ka kàlẹ́ńdà. Nígbà tí èyí bá dé ọ̀dọ̀ rẹ, o ti lọ, o ti bọ̀. Mo ń kọ ọ́ síbẹ̀.

Má wọ̀ ọ́. Èrò tèmi nìyẹn. Gáùn tí obìnrin méjì ti wọ̀, tí wọ́n fi ìwọ̀n rẹ ṣe àtúnṣe rẹ̀, tí ọkùnrin tó gbé e wá kò lè dúró tì í: ẹnì kan ti wà ní àyè tí wọ́n ń pè ọ́ sí. Ibo ni wọ́n wà? Kí ló dé tí wọ́n fi aṣọ sílẹ̀ lọ?

Àǹtí rẹ kò gbà fún mi. Ó já lẹ́tà gbà lọ́wọ́ mi, ó wọ gíláàsì, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹni tó ṣe àtúnṣe aṣọ yìí mọṣẹ́. Ẹni tó fẹ́ tan ènìyàn jẹ kò ní fi irú àkókò bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ìfẹ́ ló wà níbẹ̀, tàbí ohun tó jọ ọ́.” Mo ní kó yan ọ̀kan. Ó ní òun ò lè yàn án láìfọwọ́ kan aṣọ. Ó ní kí o tú láínì díẹ̀, kí o wo abẹ́ rẹ̀, nítorí abẹ́ láínì ni aránṣọ máa ń fi ohun tí kò fẹ́ kí oníbàárà rí sí.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹta

Bàbá,

Ẹ kú ìrètí. Mo ti lọ, mo ti bọ̀, mo sì ní ìròyìn tó máa mú kí ẹ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Adájọ́.

Búlúù ni mo wọ̀. Mo fi bébà rírọ̀ di aláwọ̀ wáìnì, mo fi sínú àpò aṣọ hòtẹ́ẹ̀lì, mo gbé e dání. Ilé náà mọ́ débi pé wọ́n ní kí n bọ́ bàtà ní tòótọ́. Ìbọ̀sẹ̀ mi dá ara rẹ̀ láre.

Màmá ló ṣí ilẹ̀kùn. Ó kọ́kọ́ wo gáùn ara mi, ó wá wo àpò ọwọ́ mi, ó wá ṣẹ̀ṣẹ̀ wo ojú mi. Kò bínú. Ó ní, “Haa. Ìwọ gbé e wá.” Adájọ́ dìde nínú àga rẹ̀, àga náà ga ju tàwọn tó kù lọ, ó ní, “Ẹ jẹ́ kí ó jókòó kí ó tó sọ tẹnu rẹ̀.” Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín nítorí yín, mo gé ètè mi jẹ.

Ìyàwó àwọn ẹ̀gbọ́n Onígíláàsì ọkùnrin méjèèjì wà níbẹ̀. Nígbà tí a wọ ilé ìdáná, àgbà wọn fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní, “Ìwọ láyà o! Èmi wọ̀ ọ́, n kò lè mí títí wọ́n fi kó àwo kúrò.” Èkejì ní, “Wọ́n tú tèmi jù, ọwọ́ mi méjèèjì ló di í mú.” Mo ní, “Ẹ̀yin náà wọ̀ ọ́?” Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Òfin ilé ni, Bàbá! Adájọ́ ló gbé e kalẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé àwọn wo aṣọ lára ìyàwó kan ju òmíràn lọ, aṣọ kan náà ni gbogbo wọn máa wọ̀ wá ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Màmá ni aránṣọ, òun ló ń ṣe àtúnṣe. Àgbà ìyàwó kúrú, ó sì tín-ín-rín: ìlà ìka mẹ́rin. Èkejì ga jù ú díẹ̀, ó sì sanra: ìlà ìka méjì. Gbogbo ihò ti rí olóhun.

Màmá ní kí n wọ̀ ọ́ lẹ́yìn oúnjẹ. Mo wọ̀ ọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Adájọ́ ní, “Ó yẹ.” Onígíláàsì rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. Màmá ní kí n gbé e lọ sílé, kí n bá òun lọ̀ ọ́ dáadáa, níwọ̀n bí ó ti jẹ́ iṣẹ́ mi, kí n dá a padà ní oṣù tó ń bọ̀ nígbà tí a bá fẹ́ dá ọjọ́ ìgbéyàwó. Ó ku àbúrò ọkùnrin kan tí ìyàwó rẹ̀ náà máa wọ̀ ọ́.

Ẹ rí i, Bàbá?

Ọmọ yín


Ọjọ́ kejì, oṣù kẹrin

Ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ ti ọjọ́ kẹrìnlá àti ti ọjọ́ kejìlélógún dé pọ̀. Mo ka èyí tó dùn ṣáájú nítorí pé ojo ni mí, mo sì fi ọjọ́ kan gbáko mú ara le láti ka èkejì.

Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Adájọ́. Mo dìde láti tọrọ rẹ̀. Òfin rẹ̀ ya wèrè díẹ̀, bí ọ̀pọ̀ òfin tí ọlọ́gbọ́n ṣe, ṣùgbọ́n kò sí ìwà ibi níbẹ̀. Kí ẹni kan náà gbé aṣọ kan náà wọ obìnrin mẹ́ta kí ó lè fi hàn pé òun kì í wo aṣọ! Mo ti kọ́ irú wọn ní kíláàsì. Wọ́n máa ń gba ipò kìíní.

Nípa ohun tí o sọ nípa mi, òótọ́ ni. Mo ń wá ihò. Ilé yìí ní yàrá mẹ́ta; bí Àǹtí rẹ bá ti lọ sílé rẹ̀ lálẹ́, ẹnì kan ló ń sùn nínú rẹ̀. Mo ń gbé kọ́kọ́rọ́ yàrá rẹ lọ síbi gbogbo bí ẹni tó ń retí olùbẹ̀wò. Kì í ṣe ẹ̀bi Onígíláàsì. Ó yẹ kí n ti bi ọ́: ṣé ó máa ń mú ọ rẹ́rìn-ín? O ti dáhùn, mo sì gbọ́ ọ.

Ẹ dá ọjọ́ yín. Àǹtí rẹ ti ń wo aṣọ tí èmi máa wọ̀ láti pàdé Adájọ́. Ó ní kóòtù mi àtijọ́ ti di ti ẹlòmíràn láti ìgbà tí ikùn mi ti kúrò níbi tó wà. A máa tú u.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹrin

Bàbá,

Mo ti gba lẹ́tà yín ti oṣù kẹta tó pẹ́ lọ́nà. N kò ní rí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ Àǹtí bí kì í bá ṣe pé mò ń lọ gáùn náà ní ọjọ́ yẹn gan-an.

Mo tú láínì ní èjìká. Èjìká òsì, kò sí nǹkan kan. Èjìká ọ̀tún, ihò abẹ́rẹ́ yí ká bí ojú ìṣù àkàrà, kékeré, wọ́n sún mọ́ra, òwú rírọ̀ díẹ̀ sì ṣì há sábẹ́ òwú ìránṣọ funfun kan. Tìmùtìmù ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọ̀kan ṣoṣo. A kì í fi tìmùtìmù sí èjìká kan àfi bí èjìká yẹn bá rẹlẹ̀ ju èkejì lọ. Aránṣọ ń gbé e sókè kí kọ́là lè jókòó dọ́gba.

Mo ti rí àwọn ìyàwó méjèèjì, Bàbá. Mo dúró lẹ́yìn wọn nílé ìdáná. Èjìká wọn gún régé. Ẹlòmíràn ti wọ aṣọ yìí ṣáájú wọn.

Ìgbà yẹn ni mo rántí pé nígbà tí mo wọ̀ ọ́, Màmá fi ìka méjì gbé èjìká ọ̀tún mi sókè díẹ̀, láìwò ó, bí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́ náà dáadáa. Ó wá yọ ọwọ́ kúrò bí ẹni tí iná jó.

Mo lọ bá Onígíláàsì ní ṣọ́ọ̀bù. Mo tẹ́ èjìká gáùn sórí tábìlì rẹ̀ láàárín àwọn gíláàsì. Ó wò ó pẹ́. Ó ní, “Má bi Màmá.” Mo ní, “Ìwọ ni mò ń bi.” Ó bọ́ gíláàsì ara rẹ̀, ó ń nù ún, ó ń nù ún. Oníbàárà wọlé, ó dìde lọ bá a. Mo pe àgbà ìyàwó lórí fóònù. Ó ní, “Àbúrò mi, jẹ́ kí ó wà níbẹ̀,” ó sì gé e.

Mo sọ fún Onígíláàsì pé n kò ní dá ọjọ́ kankan títí ẹnì kan fi dá mi lóhùn. Gáùn wà lọ́dọ̀ mi. Mo ti rán láínì padà. Mo rántí pé mo ní ẹ̀ ń wá ihò. Mi ò fẹ́ rí èyí.

Ọmọ yín


Ogúnjọ́, oṣù kẹrin

Sí Adájọ́, àna mi ọjọ́ iwájú, bí Ọlọ́run bá fẹ́,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú àmójútó ìdílé. A kò tí ì rí ara wa. Èmi ni bàbá ọmọbìnrin tó gbé gáùn yín dání dípò kó wọ̀ ọ́.

Mo ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín lẹ́ẹ̀kan láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. N kò gbà á padà. Mo mọ̀ pé inú rere ni ẹ fi gbé òfin yín kalẹ̀, ọwọ́ ìyàwó yín sì mọ́ lórí aṣọ. Àbúrò mi obìnrin, tó ti ń ránṣọ fún ogójì ọdún, ní òun ò lè ṣe irú tìmùtìmù kékeré tí wọ́n tú kúrò ní èjìká ọ̀tún gáùn yẹn láìjẹ́ pé òun fẹ́ràn ẹni tí òun ń ṣe é fún.

Ọmọ mi kò sùn dáadáa. Ọmọ yín kò fọhùn. Àwọn ìyàwó ilé yín ń gé fóònù. Èmi kò ní pariwo, n kò sì ní ṣe ẹjọ́. Iṣẹ́ yín nìyẹn. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní, n óò sì fi ìdáhùn rẹ̀ pamọ́ bí ẹ bá fẹ́.

Obìnrin tí èjìká ọ̀tún rẹ̀ rẹlẹ̀ yẹn, ọmọ ta ni?